Àpótí Wáífáì Inú Ọ́fíìsì Ọ̀gá

Ojú ìwé kan péré ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa ní kí n kọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi kọ ọ́. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá rí bírò, oorun á máa kùn mí.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé girama kan ní Ìwó nígbà náà. Mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì lè ní kí n máa lọ lọ́jọ́kọ́jọ́. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì ìparí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìgbáradì. Bí gbogbo wọn ṣe wọlé sórí wáífáì tán, gbogbo nǹkan dúró. Ọmọbìnrin kan sunkún. Àwọn olùkọ́ bá sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mò ń fún àwọn ará àdúgbò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé wáífáì wa.

Ọ̀gá pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀ńjíníà,” wọ́n ní, “ta ló ń fa nẹ́tíwọ̀kì wa gbẹ? Kọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣe é sójú ìwé kan, kó o mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí o ò bá rí ẹnì kankan, á jẹ́ pé ìwọ ni.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, sà.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọmọ tún ń bá ìdánwò wọn jà, mo fi okùn so kọ̀ǹpútà mi mọ́ àpótí tó ń pín wáífáì káàkiri ilé-ìwé. Ńṣe ni nẹ́tíwọ̀kì ń sáré. Ìyẹn ni pé nẹ́tíwọ̀kì tó ń wọlé látìta kò ní àbùkù. Inú afẹ́fẹ́, láàárín àpótí àti àwọn ọmọ, ni wàhálà wà.

Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni àpótí náà wà. Ọjọ́ tí a gbé e dé ni wọ́n ti ní ohun iyebíye ò gbọdọ̀ wà níta, kí n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù àwọn. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò dáa. Àgbà sọ̀rọ̀, mo ní “Ẹ ṣeun, sà,” mo gbé e síbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó sì ń dùn mí.

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, àwọn ọmọ ni mo di ẹ̀bi rù. Ojú tì mí, mo ya á. Èkejì kún fún ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ débi pé èmi gan-an tí mo kọ ọ́ ò rí ọ̀rọ̀ kankan dì mú nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fi ìbínú kọ:

“Sà, kò sí olè. Àpótí kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á dúró. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú, wọ́n á tún un sọ. Bí ìpàdé olùkọ́ wa náà ni. Ẹ̀rọ tó bá jìnnà, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ tirẹ̀, àsìkò gbogbo wa ló sì ń jẹ. Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín kíláàsì àti àpótí, nítorí pé ọ́fíìsì yín ló wà. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa wọlé ní ìdajì-ìdajì, kí gbogbo wa sì pa wáífáì fóònù wa. Bí a bá rí àpótí kejì, ká jẹ́ kó máa gba ọ̀nà mìíràn, kí méjèèjì má baà dí ara wọn lọ́wọ́.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Èmi ni mo ní kó o gbé e síbẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O sì mọ̀.”

“Mo mọ̀, sà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Lọ wá àkàbà. Ti àpótí kejì, a ó máa wò ó.”

A ṣì ń wò ó dòní.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìdajì àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò ní kíláàsì lábẹ́ àpótí, nǹkan kan ò dúró. Ìdajì kejì jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń retí. Mo fara ti ògiri, àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ń sọ̀kalẹ̀ lára mi. Ẹnì kan wọlé jẹ́ẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń retí. Ọ̀gá ni, kọ̀ǹpútà wọn wà lórí itan wọn. Wáífáì ò dé ọ́fíìsì wọn dáadáa mọ́.

Mo sáré lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí n tètè so wọ́n mọ́ ọn.

“Dìde,” wọ́n ní. “Kò tíì kàn mí.”