Ife Tí Pesamino Kò Pè

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Pesamino. Láti Upolu, erékùṣù kejì, ló ti wá fẹ́ Sinalei, dípò kó sì mú un lọ sílé tirẹ̀, òun ló tẹ̀ lé ìyàwó wá sílé tiwa ní Savaiʻi níbí. Ọkùnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìránṣẹ́ ìdílé ìyàwó ló di. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Òun ló ń gbin kókò tí à ń jẹ. Òun ló ń dáná sí ààrò òkúta láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń ru ẹlẹ́dẹ̀ ìdílé lọ sílé òkú. Sinalei kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọn ò sì bímọ. Mo rò pé yóò di ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a sìnkú, mo rí i lóko, ó ń ro kókò.

Pẹ̀lú gbogbo làálàá yìí, kò ní oyè. Ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò ní oyè kò lè bá àwọn olóyè jókòó sídìí òpó nílé ìgbìmọ̀ abúlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni pé kó máa pe ife. Bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó, wọ́n á po ʻava, omi gbòǹgbò igi tí àwọn olóyè máa ń mu, sínú ọpọ́n onígi, Pesamino á sì máa kígbe orúkọ ife olóyè kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo oyè ló ní orúkọ ife tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ló máa mu. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwa obìnrin tí à ń hun ẹní lódìkejì ọ̀nà máa ń dákẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹnì kan wà tí Pesamino kì í pe ife rẹ̀. Lefulu ni, olórí ìdílé tiwa gan-an. Apia, olú ìlú wa, ló ń gbé, ó ń kọ́lé fún àwọn olówó, ọmọ mi ọkùnrin sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún un. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọkùnrin yìí kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan, kókò kan tàbí ẹní kan ránṣẹ́ sí abúlé. Olórí àlùfáà wa kú, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìjì ká òrùlé ilé ìgbìmọ̀ lọ, ẹni tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé kò fi pákó kan ránṣẹ́.

Àfi ìgbà tó fẹ́ di aṣòfin ló wá rántí ọ̀nà abúlé. Òfin wa ò fi èyí ṣeré: ẹni tí kò bá joyè, tàbí tí wọn ò bá forúkọ oyè náà sílẹ̀, kò lè díje. Jíjoyè nìkan kò sì tó. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe mónótágà, ìyẹn ojúṣe tí abúlé bù fún olóyè kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́ta gbáko láìdáwọ́dúró. Òun fúnra rẹ̀ á búra pé òun ṣe é, aṣojú abúlé lọ́dọ̀ ìjọba á sì fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni.

Vaelupe ni aṣojú abúlé tiwa, ọkùnrin oníkùn tó fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí yíǹkì gbẹ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé Lefulu máa fi páànù tuntun bo ilé òun. Ara mi bù máṣọ. Ọkùnrin tó ti tà wá tán ń yangàn pé òun rọ́jà tà!

Ẹni tó ń bá Lefulu díje gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Apia. Lọ́yà olùpẹjọ́ náà kọ̀wé pe Vaelupe, ó sì kọ̀wé pe Pesamino náà, nítorí ó gbọ́ pé apèfe ló máa ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Lefulu wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó ru páálí ẹja inú agolo méjì, ó jókòó sórí ẹní tó dára jù.

Ó ní, "Pesamino, o ti sìn wá dáadáa. Oyè Tapusoa ìdílé wa ṣófo láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo sì ń darí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́ fi jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìdájọ́ la máa ṣe é."

Pesamino wolẹ̀. Ohun tó ń wá láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn, kò sì bèèrè rí.

"Ẹ ṣé, Lefulu. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Kò tọ́pẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi ẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Ìwọ náà mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ ilé dáhùn."

Ó wá yíjú sí mi. "Fetuao, ọmọ ẹ ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ mi o." Mo ní ẹ ṣé. Ó ṣì ń rí mi lára pé mo ní ẹ ṣé.

Nílé ẹjọ́, Vaelupe ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ó ní Lefulu ṣe ojúṣe rẹ̀ pé pérépéré. Lọ́yà olùpẹjọ́ bi í pé kí ni Lefulu gbé wá, nígbà wo? Kò rí ọjọ́ kan sọ. Nígbà tí àyà rẹ̀ já, ó sá lọ sídìí ohun tó máa ń gbà á sílẹ̀ nígbà gbogbo, ìyẹn ògo abúlé.

Ó na àyà. "Olúwa mi, abúlé tiwa kì í ṣe abúlé yẹpẹrẹ! Àwọn tí wọ́n ń gba ìgbàkugbà láyè, ibòmíràn ni wọ́n wà. Lọ́dọ̀ wa, olóyè tí kò bá ṣe mónótágà, a kì í pe ife rẹ̀. Kódà bó bá wà lókè òkun, tó bá ti fi ti ẹ̀ ránṣẹ́, a máa pe ife rẹ̀, ẹni tó rán wá á sì mu ún. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ!"

Àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn ń mi orí pé ó sọ ọ́ re. Ọ̀dẹ̀! Lefulu di ojú. Adájọ́ gbé kálàmù, ó kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Wọ́n pe Pesamino. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Sinalei rán fún un. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló bi í.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń pe ife?"

"Èmi ni, Olúwa mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Láàárín ọdún mẹ́ta tí òfin sọ yìí, ṣé ẹ pe ife Lefulu rí?"

Lefulu ò wo ibòmíràn, ojú Pesamino ló tẹjú mọ́. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn Pesamino: ìdí òpó nílé ìgbìmọ̀, àti kí ẹlòmíràn máa kígbe orúkọ ife tirẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, ó ti di Tapusoa.

Ó ní, "Rárá, Olúwa mi. Mi ò pè é rí."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé?"

"Bí mo bá fo ife olóyè kan, wọ́n á bá mi jà. Kò sẹ́ni tó bá mi jà."

Lọ́yà Lefulu fò dìde. Ó ní kí wọ́n dá Vaelupe padà síbẹ̀. Oníkùn yìí tún gòkè, ó ní hẹn, ìgbìmọ̀ ti dárí ojúṣe ji Lefulu nítorí bí oyè rẹ̀ ṣe ga tó. Ẹnu kan náà tó fi búra láàárọ̀ pé ó ṣe é pé!

Adájọ́ ní abúlé ló ni àṣẹ láti sọ ohun tí mónótágà rẹ̀ jẹ́, ilé ẹjọ́ kò ní bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n òfin ní kí olùdíje ti ṣe é, kò ní kí wọ́n dárí rẹ̀ jì í. Ó yọ orúkọ Lefulu kúrò nínú àwọn olùdíje.

Nígbà tí a dé ilé, àwọn olóyè ń hó. Ọ̀kan ní kí wọ́n lé Pesamino kúrò lábúlé lọ́jọ́ yẹn. Ìgbìmọ̀ abúlé lágbára láti fìyà jẹ èèyàn lóòótọ́, òfin mọ̀ wọ́n. Lọ́yà Lefulu ló pè wọ́n lórí fóònù pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹlẹ́rìí, adájọ́ á kó gbogbo wọn sẹ́wọ̀n. Ni wọ́n bá rọra jókòó. Ìjẹ́ olóyè wọn ò ju ibẹ̀ yẹn lọ.

Lefulu ò nílò ìgbìmọ̀ kankan. Lọ́jọ́ Sátidé tó dá, a fi Iopu jẹ oyè Tapusoa; ọmọ ẹ̀gbọ́n Lefulu ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń gbé Apia, tí kò lè dáná ààrò òkúta bí ebi bá ń pa á kú. Pesamino ló se oúnjẹ. Òun ló tún pe ife àkọ́kọ́ tí Iopu mu. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Wọ́n gbé orúkọ oyè náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Ẹni tó bá lòdì sí i ní oṣù mẹ́ta láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ àti oyè, kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Mo lọ bá akọ̀wé wọn.

Mo ní, "Ọkùnrin kan ló sìn fún oyè yìí. Ó fẹ́ tako ẹni tí wọ́n fi jẹ ẹ́."

"Ṣé ọmọ ìdílé ni?"

"Àna wa ni."

"Àna ò lè tako oyè, ìyá. Ọmọ ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló máa fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ̀yin jẹ́ ọmọ ìdílé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní ìwé náà.

Àwọn ìbátan mi tó kù, Lefulu ló ń bọ́ wọn, n kò tiẹ̀ bi wọ́n. Mo tẹ́ ìwé náà sábẹ́ ẹní mi. Nínú oṣù kejì, Lefulu pè mí, ó ní òun fẹ́ fún ọmọ mi ní ọkọ̀ tuntun, òun á sì fi ṣe olórí àwọn awakọ̀. Mo ní ẹ ṣé.

Mo ti bú Lefulu, mo ti bú Vaelupe, mo ti bú gbogbo àwọn olóyè abúlé mi. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni oṣù mẹ́ta pé. Òfo ni ibi ìfọwọ́sí ìwé náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Pesamino dáná bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di kókò àti ẹja tèmi, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá. Èmi ni mo sọ fún un nípa ìwé náà lọ́jọ́ tí mo gbà á, tí ọkàn mi ṣì le.

Ó ní, "Àna mi, ẹ jẹun, ó ṣì gbóná."

Mo jẹ ẹ́ tán.