Ọwọ́ Wébìlì

Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ páálí ní Ṣàngó Ọ̀tà kí n tó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ àníméṣọ̀n, iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn. Tí wọn ò bá gbà mí, ó parí nìyẹn, kò síbi tí mo fẹ́ padà sí.

Àwòrán méjìlá ni wọ́n ní kí n yà kí aago mẹ́rin tó lù: obìnrin kan tó ń gbé garawa omi nílẹ̀. Aago kan ti kọjá, mẹ́ta péré ni mo tíì yà.

Ṣé ẹ rí pátákó ìyàwòrán tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn, ó mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó. Tẹ pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà á tín-ín-rín. Tẹ̀ ẹ́ gan-an, á nípọn. Tèmi ń nípọn ṣáá. Mo bá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìtẹ̀ ọwọ́, mo sọ ọ́ di líle. Ìlà tín-ín-rín lóòótọ́, àmọ́ kó tó yọ, àfi kí n fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ọrùn-ọwọ́ ń ro mí gidi. Èyí tó wá já mi láyà ni pé ìlà ń pòórá. Mo fa ìlà apá obìnrin náà, ó pòórá. Mo tún un fà, ó tún pòórá. Yéè, mo gbé!

Ọ̀gá obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà wá dúró sẹ́yìn mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo àwòrán.

"Ta lò ń tẹ̀ ẹ́ fún tó báyìí?"

Inú bí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́."

"Dá mi lóhùn."

"Wébìlì, ìwé ẹrù, ni mo ń kọ tẹ́lẹ̀, mà. Ìwé mẹ́ta, kábọ̀n láàárín. Tí tìsàlẹ̀ ò bá hàn, wọn ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù jáde ní géètì. Ọdún mẹ́fà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan àtàǹpàkò mi. "Bọ́tìnnì ara pẹ́ẹ̀nì lò ń fún mọ́ra. Òun ló ń pa iṣẹ́ ẹ rẹ́."

Háà! Èmi náà ni mo fi àbùjá ìparẹ́ síbẹ̀ láàárọ̀, mo ní á mú mi yára. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n gbé e sí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ pátákó, lábẹ́ ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gbé àwòrán tó kàn wá. Ó dá ìtẹ̀ ọwọ́ padà sí rírọ̀. Ó gbé àga mi sókè títí ìgúnpá mi fi bá tábìlì dọ́gba, ó ti páálí kan sábẹ́ ẹsẹ̀ mi kó má baà máa fì. "Sọ èjìká ẹ kalẹ̀. Gbogbo apá ni kó o fi fà á, kì í ṣe ọrùn-ọwọ́."

Ìlà àkọ́kọ́ nípọn bí okùn. Ìkejì náà nípọn. Òógùn bò mí. Mo ń sọ fún ara mi pé kò síwèé kankan nísàlẹ̀ mọ́, kò síwèé kankan nísàlẹ̀. Ìgbà tó yá, ọwọ́ mi gbà.

Aago mẹ́rin lù, mọ́kànlá ni mo yà. Ọ̀gá jẹ́ kó rìn lójú kọ̀ǹpútà: obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di garawa mú, ó gbé e, ó wá dúró síbi tó kù díẹ̀ kó nàró.

"Kò tíì nàró, mà," ni mo wí.

"Mo rí i. Ọ̀la ni kó nàró. Aago mẹ́jọ la máa ń bẹ̀rẹ̀."

Mo fi pẹ́ẹ̀nì náà sílẹ̀, mo sì bú sẹ́kún níwájú ẹ̀.