Ohun tí Ìyá Ṣe Gan-an

Ọ̀gá àgbà pè mí láti Kútọnu pé kí n kọ mélì ọpẹ́ sí àwọn ènìyàn mi. "Má kọ 'ẹ ṣé gbogbo yín' o. Ohun tí oníkálukú ṣe gan-an ni kí o kọ, kí o sì fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Inú rẹ̀ ni màá ti mú àwọn mẹ́rin tó máa ṣe iṣẹ́ tó ń bọ̀."

Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan ní àdúgbò Banikanni, tí à ń kó ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ láti ilé ìwòsàn kéékèèké sínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni olórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ gún.

Mo jókòó, mo ń kọ. Ti awakọ̀ rọrùn: lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ gbé mọ́tò, orí rẹ̀ ló fi ru àpótí ìwé wa dé ojú ọ̀nà tó dáa. Ọ̀kan gbọ́ èdè Bàrìbá, òun ló ń bá àwọn abiyamọ yẹ orúkọ ọmọ wọn wò. Ọ̀kan rí ìwé ọdún kan tó ti sọnù lẹ́yìn fìríìjì abẹ́rẹ́. Ọ̀kan ló ń tún ẹ̀rọ wa ṣe. Ó wá ku ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá.

Ìyá ti Ṣábẹ̀ wá. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń gbé ara rẹ̀. Nínú gbogbo wa, iye ìlà tí òun tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ló kéré jù. Mo ronú títí, n kò rí nǹkan kan kọ. Ó rú mi lójú, nítorí n kò rántí ọjọ́ kan tí Ìyá ṣíwọ́ iṣẹ́.

Mo bi awakọ̀. Ó ní, "Ìyá? Ìyá máa ń pẹ́ kó tó lọlé." Mo bi ẹni tó gbọ́ Bàrìbá. Ó ní ohun kan náà, ó wá ń wò mí bíi pé èmi ló yẹ kí n mọ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá ní sùúrù, ó sì jẹ́ abiyamọ fún gbogbo wa." Nígbà tí mo kà á, ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa òkú nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ka irú ìyẹn, Ìyá kò ní sí lára àwọn mẹ́rin.

Ni mo bá ṣí ibi tí fáìlì ti ń fi hàn ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Ìyá kún ibẹ̀. Lórí ìlà ta ni? Lórí ìlà tèmi! Kọ̀ǹpútà mi ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, n kò sì mọ̀. Mo tẹ ọjọ́ kẹta oṣù keje, ó gbà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹta. Àwọn ọmọ kan wà nínú iṣẹ́ mi tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí wọn. Ìyá ti gbé ìwé síwájú, ó tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Orí mi dàrú. Bí mo bá kọ "ó tún ọjọ́ ṣe", ọ̀gá yóò bi mí pé ọjọ́ ta ni. Bí n kò bá kọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Mo ní ó tán, kí ojú kúkú tì mí. Mo kọ ọ́: "Ìyá yẹ gbogbo ìlà tí èmi tẹ̀ wò, ó sì tún ọjọ́ tí mo tẹ̀ sódì ṣe. Láìsí i, à bá ti pe àwọn ọmọ fún abẹ́rẹ́ kejì lọ́jọ́ tí kò yẹ." Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Ọ̀gá dáhùn lọ́jọ́ kejì. Orúkọ Ìyá ló kọ́kọ́ kọ: òun ni yóò máa yẹ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn wò ní Titirou, níbi tí iṣẹ́ tó ń bọ̀ yóò ti wáyé. Inú mi dùn, mo sáré lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, mo bò ọ́ láṣìírí, ìwọ lo wá tú u."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o! Iṣẹ́ ti di tiyín."

"Iṣẹ́ wo? Gbogbo wọn ti kà á pé èmi ni mo ń wá àṣìṣe olórí kiri. Ta ló máa fẹ́ kí n jókòó ti òun ní Titirou? Mèsì, o ṣé, n ò lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò bínú, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ẹlòmíràn ló lọ sí Titirou dípò rẹ̀. Mo ti ka mélì yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ n kò tíì mọ̀ bóyá mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn ni, àbí èmi ni mo lé e.