Òróró Tí Ìyá Mi Fẹ́ Kán Sójú Ọmọ

Ìyá mi gbà pé ohun tí wọ́n bá fúnni nítorí ojú, ojú ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn, kó kọ́kọ́ jẹun yó.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Ìkàrẹ́, gbé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì sílẹ̀ fún ìyá mi ní Ọ̀kà, ó padà sídìí ọjà. Láìpẹ́, ìta dé: ara ọmọ gbóná, ó ń wúkọ́, ojú pọ́n, ara sì sú. Ìyá mi ń fi ẹmu wẹ̀ ẹ́, ó ní kí ìta lè jáde tán. Nígbà tí mo rí i tí nǹkan funfun ń bo ẹyinjú òsì, mo kó àwọn méjèèjì sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ kún fún ọlọ́mọ. Nọ́ọ̀sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo pe àbúrò mi lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbé e lọ. Ta ló tún ń ṣe ìta láyé ìsìnyí?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́. "Gbogbo yín lẹ̀ ń sọ ọ́! Abẹ́rẹ́ ló lé ìta lọ, ẹ wá ní ìta ò sí mọ́, ẹ pa abẹ́rẹ́ tì. Lọ́dọọdún làwọn ọmọ tí ò gbà á ń pọ̀ sí i. Tí ìta bá ti mú ẹnì kan láàárín wọn, afẹ́fẹ́ ikọ́ rẹ̀ ló máa gbé e kárí."

Ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí, ó ní ìta kò tíì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ló ń bà á lẹ́rù: ìta máa ń gbọ́n fítámì A, èròjà tí ojú fi ń ríran, gbẹ lára ọmọ, ojú lè fọ́. Ó gé ṣóńṣó orí kápúsù fítámì A kan, ó fún òróró inú rẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ó fún wa ní ọ̀kan fún ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìpara ojú, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá mi tó gbé ọmọ lé itan, tó ti gé kápúsù, tó gbé e sókè ojú òsì.

"Màámi! Ẹnu ni!"

"Ẹnu? Ṣé ẹnu ló ń dùn ún?"

"Láti ẹnu ló máa ti lọ sójú."

"Ṣé yóò wọ bọ́ọ̀sì Ìkàrẹ́ ni?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Iṣu tẹ́ ẹ jẹ lánàá, ṣé orí orúnkún lẹ gbé e lé kẹ́ ẹ tó lágbára láti rìn?"

Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ó fún òróró náà sẹ́nu ọmọ. "Bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ọ̀sì fún ọmọ ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó bo ojú ọ̀tún, ó na bírò síwájú tòsì. Ọmọ ò mira. Àfi wàà! Ó já bírò gbà, kò sì fẹ́ dá a padà. Ojú òsì ti ń mọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí abiyamọ tó lè gba iwájú ilé wa kọjá kí ìyá mi má béèrè abẹ́rẹ́ ìta lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ń gba ẹ̀yìnkùlé.