Lẹ́tà Èṣí

Inú ṣì ń bí mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ẹdẹ. A fẹ́ pe bàbá kan sí ìpàdé ọdún, kí wọ́n wá ṣí i fún wa. Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀tún Bàbá Àdínì ni wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wé láwàní Bàbá Àdínì fún wọn báyìí. Mo ní kí n kọ lẹ́tà tuntun. Alága wa ní, “Ti èṣí ń bẹ nílẹ̀. Déètì nìkan ni kó o yí padà.”

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í kọ orúkọ àgbà, oyè nìkan là ń kọ. Mo yí déètì padà, mo gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n wo àpò lẹ́tà náà, wọn ò tú u. “Èmi kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀tún tuntun ló ni ín.” Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n rán ọmọ ilé wọn pé kó gbé e lọ fún Ọ̀tún.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀tún tuntun gúnwà sórí àga àlejò pàtàkì, lẹ́tà wa lọ́wọ́. Alága fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Akọ̀wé, ta ló pe eléyìí?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ti buwọ́ lù ú.”