Owó Gbà-má-bínú Ọkọ Mi

Nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn, bí ọdún kálukú ṣe pọ̀ tó níbi iṣẹ́. Ti ọkọ mi pọ̀ gan-an. Mo rò pé a ó kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀, tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn lórí fóònù pé àwọn ọ̀gá òun fi owó ńlá dá òun lọ́lá. Kò mẹ́nu kàn án pé iṣẹ́ ti lọ. Inú bí mi débi pé mo pa iná ọbẹ̀ tí kò tíì jinná.

Ẹ bá mi wò ó! Owó tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé ló wá di ẹ̀bùn. Àwọn ọkùnrin wa nílùú òyìnbó níbí, ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ará ilé gbọ́ pé ara wọn ò yá ju kí wọ́n gbọ́ pé wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń pè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ilé bàbá wọn tí wọ́n ń tún kọ́ ti dé ibi òrùlé, àbúrò náà sì ti bá onípáànù sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ni àkọ́bí, ojú ń tì í láti sọ pé rárá. Bẹ́ẹ̀ owó tí mo ń gbà nídìí títọ́jú àwọn arúgbó ò lè dá san owó ilé wa ní Thamesmead.

"Owó yẹn la máa fi san rent títí ẹ máa fi rí job míì," ni mo sọ fún un. "Tá a bá fi ra páànù, kí la máa jẹ?"

"Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Ẹ sọ òótọ́."

Nígbà tó yá, ó gbà pé ká wá ibi fi owó náà sí. Kì í gba èlé, nítorí náà ẹnìkan ní mọ́ṣáláṣí Woolwich júwe báǹkì tó ń pín èrè fún oníbàárà rẹ̀. A fi owó ilé àti owó orí ilé tí kánsù ń gbà fún oṣù mélòó kan síbi tí ọwọ́ ti lè tó o kíá. Ìyókù wọ inú account tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún báǹkì ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kó tó lè mú un. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, à ń rìn lọ ní òpópónà Harrow Manorway nígbà tí àbúrò rẹ̀ pè. Onípáànù ń dúró de owó. Ọkọ mi dúró, ó fi fóònù sórí sípíkà kí n lè gbọ́.

"Mi ò lè rí owó yẹn mú báyìí," ó ní. "Redundancy ni wọ́n fún mi. Iṣẹ́ yẹn ti parí. Mi ò tíì rí òmíràn."

Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, bí àbúrò rẹ̀ bá bínú, màá fún un ní tiẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "láti ìgbà yẹn, báwo lẹ ṣe ń jẹun?"

Ọkọ mi kọjú sí ọ̀nà, kí n má baà rí i pé ó ń sunkún.