Ọjọ́ Tí Fíríìsà Di Iye Ọṣẹ

Ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń sọ lọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń ta ohun èlò ilé. Èmi gan-an ni mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà nínú dátábéèsì tí iye owó ọjà wà, àfi tí ẹlòmíì bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tó sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kí n yí iye ọṣẹ kan padà. Mo kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀lé, mo wá gbàgbé ìlà tó yẹ kó sọ pé ọṣẹ yẹn nìkan ni. Mo dán an wò nínú dátábéèsì ìdánwò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé ọṣẹ yẹn nìkan ni èmi ọlọ́gbọ́n kó síbẹ̀. Nígbà tó dé orí ojúlówó dátábéèsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà di iye ọṣẹ. Kí a tó dá iye wọn padà láti inú ẹ̀dà tí a fi pamọ́, ará Múṣín kan ti ra fíríìsà mẹ́fà.

Níbi ìpàdé tí a fi ṣàyẹ̀wò ohun tó ṣẹlẹ̀, àṣà wa ni pé a kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àṣà yẹn dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ètò ló kùnà, mo tún un sọ títí, bí ẹni pé ètò ló jókòó sórí àga mi tó ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá wa obìnrin gbọ́ mi tán, ó yíjú sí àbúrò wa kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò tó sì fọwọ́ sí i. Oṣù ìdánwò rẹ̀ ń parí lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́ tààrà.

“Ṣé o tiẹ̀ kà á rárá?”

“Mo kà á, mà. Mo rí i pé ìlà yẹn ò sí níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Ó wolẹ̀. “Mo ti type question nípa ẹ̀, mo wá delete ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Mo ní wọ́n á mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Ojú tì mí gan-an. Síbẹ̀, kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀ pé ó rò pé mo mọ ìdí.

Ọ̀gá ní a ò lè gba ẹni tó rí àṣìṣe tó dákẹ́.

“Mà, òun rí i,” mo sọ. “Èmi ni mi ò rí i. Tí ẹ bá lé ẹni tó rí i, ẹni tí ò rí i ló máa kù fún yín.”

Wọ́n gbà á síṣẹ́. A wá fi kún òfin pé ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wò gbọ́dọ̀ bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè kan, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá.

Lọ́sẹ̀ kejì mo fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́. Àbúrò yẹn ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlà kẹta yìí ń ṣe?”

Inú bí mi. Mo gbára dì láti fún un lésì tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Mo ka ìlà náà, mo tún un kà. Mi ò mọ̀.